Bọ́tìnnì Ọwọ́ Ọ̀tún

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi ṣe taipíìsì ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, kò sì dá mi lójú pé ó wo ìka ara rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ ní gbogbo ọdún náà. Ojú rẹ̀ a wà lórí ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ, ìka rẹ̀ a máa sáré lórí ẹ̀rọ, ẹnu rẹ̀ a sì máa bá ẹni tó wà ní tábìlì kejì ṣàwàdà. Àwọn ọ̀gá tó gbọ́n a máa yọ́ gbé iṣẹ́ wọn wá bá a, nítorí ìwé tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í ní àṣìṣe. Ó mọ̀ pé òun mọ iṣẹ́, kò sì fi pa mọ́. Bí taipíìsì tuntun bá dé, tó ń fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kiri bí adìẹ tó ń ṣa ọkà, ó máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi, gbójú kúrò níbẹ̀," ni yóò wí. "Ìka ló mọ ibi tí nǹkan wà. Ojú kàn ń dá a dúró ni."

Ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìka Wúrà. Akéde ni gbogbo èèyàn ń pe ọkọ náà, torí òun ló ń kéde ní ibùdókọ̀ ńlá: ọkọ̀ wo ló fẹ́ gbéra, èwo ló pẹ́, ọmọ ta ló sọnù tó ń sunkún níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Yàrá kékeré onígíláàsì kan ló ń jókòó sí, gbohùngbohùn wà níwájú rẹ̀, ife tíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í gba ohùn sílẹ̀ kí ó tó kéde. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ohùn náà jinlẹ̀, ó rọlẹ̀, ó sì mú kí ẹni tí ọkọ̀ ti fi sílẹ̀ gbà pé ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀. Ìka Wúrà ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́ lọ sí ibi iṣẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge, oṣù mẹ́ta gbáko ló sì fi fẹ́ràn ohùn náà kí ó tó mọ ẹni tó ni ín. Ọjọ́ tó rí i, ẹ̀rín pa á. Ó ti rò pé ọkùnrin gìrìpá ni, àṣé ẹni kúkúrú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tó ilẹ̀ dáadáa bó bá jókòó ni. Ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ náà.

Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, wọ́n tọ́ ọ, ó lọ ń gbé ìlú mìíràn. Àwọn méjèèjì fẹ̀yìn tì láàárín ọdún kan náà. Kò tíì pé ọdún kejì tí wọ́n jókòó sílé tí ohùn Akéde bẹ̀rẹ̀ sí í há. Wọ́n ní òtútù ni. Wọ́n lo oògùn òtútù. Ìgbà tí wọ́n máa dé ilé ìwòsàn ńlá, dókítà wo ọ̀fun rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n máa gé àpótí ohùn rẹ̀ kúrò pátápátá ni. Bí wọn ò bá gé e, àrùn jẹjẹrẹ tó mú un kò ní dúró síbẹ̀.

Akéde béèrè, pẹ̀lú ìwọ̀nba ohùn tó kù fún un, pé ṣé òun á lè sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Dókítà ní wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń gbé lé ọrùn. Wọ́n fi hàn án. Ó ń dún bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gẹrun. Akéde gbé e lé tábìlì padà, ó sì wo ojú fèrèsé.

Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ọ̀rọ̀ sísọ ní ilé ìwòsàn náà ló mú ìmọ̀ràn mìíràn wá. Áàpù kan wà, ó ní, tí èèyàn lè gba ohùn ara rẹ̀ sí, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lábẹ́ bọ́tìnnì tirẹ̀, pẹ̀lú àwòrán. Bí o bá tẹ àwòrán omi, ohùn rẹ á jáde pé òǹgbẹ ń gbẹ ọ́. Ó gbé e sórí fóònù Akéde fún wọn níbẹ̀. "Ohun tẹ́ ẹ bá gbà sílẹ̀ kí á tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà lẹ máa ní lẹ́yìn rẹ̀," ni ó wí. "Ẹ má fi ṣeré o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ ní."

Títẹ àwọn gbólóhùn náà sínú ìwé ni iṣẹ́ ìkẹyìn tí Ìka Wúrà fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe láyé rẹ̀. Ó gbé e jáde lábẹ́ ibùsùn, ó nu eruku rẹ̀, ó sì jókòó sídìí rẹ̀. Akéde ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, òun ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tí èèyàn lè nílò láti sọ títí di ọjọ́ ikú ni wọ́n gbìyànjú láti rò. Ẹ káàárọ̀. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ta ló wà níbẹ̀? Ẹ̀yìn ń ro mí. Ẹ jẹ́ n kọjá. Ó di ọ̀la. Orúkọ ọmọ wọn, orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n parí nígbà tí Akéde ní kí ó fi "Irọ́ lò ń pa!" kún un, ní oríṣi mẹ́ta, ọ̀kan fún ìbínú, ọ̀kan fún ìyàlẹ́nu, ọ̀kan fún ìgbà tí ẹnìkan bá ń sọ ìtàn tó dùn. Ó jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún gbólóhùn ó lé méjìlá, ojú ewé mẹ́fà. Èyí tó ṣáájú gbogbo wọn ni: "Ìka Wúrà mi, níbo lo wọlé sí?"

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni Akéde ti gbà wọ́n sílẹ̀, láàárín aṣọ, torí ibẹ̀ nìkan ni ariwo òpópónà kì í dé. Ó fi ilẹ̀kùn ti ara rẹ̀ mọ́ inú òkùnkùn pẹ̀lú fóònù àti tọ́ọ̀ṣì. Ìka Wúrà jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òwúrọ̀ ni ohùn náà máa ń dára díẹ̀, nítorí náà òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣe é, bíi ogún gbólóhùn lóòjọ́. Bó bá gbà á tó há, á pa á rẹ́, á mu omi gbígbóná, á tún un gbà. Lẹ́yìn tó bá ti dára, á fi bírò ṣe àmì sí iwájú gbólóhùn náà lórí ìwé.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Akéde yè. Ihò kan wà ní ọrùn rẹ̀ tó fi ń mí, aṣọ funfun kékeré bò ó. Wọ́n fi okùn so fóònù kọ́ ọrùn rẹ̀ lókè aṣọ náà, ó sì ń rìn kiri ilé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá wà ní yàrá kejì kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. "Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù," ni Akéde á wí láti ìdí oúnjẹ. "Irọ́ lò ń pa!" ni yóò sọ fún alábàágbé wọn, èyí tó jẹ́ ti ìtàn dídùn. Bó bá sì jí láàárọ̀ tí kò rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn tó jinlẹ̀ yẹn á dún la ọ̀dẹ̀dẹ̀ já: "Ìka Wúrà mi, níbo lo wọlé sí?" Ìka Wúrà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ dáhùn, kó lè tún un tẹ̀.

Bí fóònù kò bá sí lọ́wọ́ Akéde, á fi ìka kan ohun líle tó bá sún mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì: tábìlì, ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ ife. Ó ń kan án fún gbogbo nǹkan, torí kò ní sùúrù rí láyé rẹ̀. Ó ń kan án nítorí tíì, ó ń kan án nítorí ìwé ìròyìn, ó ń kan án bí fóònù bá wà lórí iná mànàmáná tí kò sì tètè kún. Ìyàwó rẹ̀ kọ́ láti má fetí sí i. "Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́," ni yóò wí, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, áàpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Akéde á tẹ "Ẹ káàárọ̀," ẹni tó kí á ti kọjá lọ kí ohùn tó jáde. Fóònù náà kéré, ó sì ń kígbe pé òun ti kún. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Onígíláàsì, ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta. Gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá kì í kúrò lójú rẹ̀ kan, ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ẹnu rẹ̀ sì kò dákẹ́.

Ó ṣí ibi ètò fóònù, ó wọ ibi tí àwọn áàpù wà, ó mú áàpù ohùn náà, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n ààyè tó gbà sí. Bọ́tìnnì méjì wà níbẹ̀ nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Clear data" wà lọ́wọ́ òsì, "Clear cache" wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Màmá, ẹ wò ó," ni Onígíláàsì wí. "Ọwọ́ ọ̀tún yìí lẹ máa tẹ̀. Cache yìí, nǹkan tí áàpù kó sí ìtòsí kó má baà máa lọ wá a lọ́nà jíjìn ni. Àwọn àwòrán kéékèèké, àwọn nǹkan tó ti ṣètò sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dà á nù, á tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí i lẹ́yìn rẹ̀ á falẹ̀ díẹ̀, àwọn àwòrán á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó parí. Kò sí ohun tẹ́ ẹ pàdánù."

"Òmíràn yìí ńkọ́?"

"Ẹ máà fọwọ́ kàn án rárá. Data ni ẹrù ilé gan-an. Áàpù á padà dà bí ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé. Àwọn áàpù mìíràn wà tí mo máa ń ṣe é fún o, àwọn tí èèyàn fi nọ́ńbà àṣírí wọlé sí. Ìyẹn ò burú, torí ẹrù wọn wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n. Oníbàárà á kàn wọlé padà, á sì bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tiyín yìí ò ní nọ́ńbà àṣírí kankan. Inú fóònù yìí nìkan ni ohùn Bàbá wà, nínú yàrá tí áàpù náà tì mọ́ra. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó lọ nìyẹn. Kódà ẹ jẹ́ ká ṣẹ̀dà rẹ̀ sórí káàdì kékeré kan. Áàpù náà ní ibi tí wọ́n ti ń kó o jáde."

Wọ́n ra káàdì náà lójú ẹsẹ̀. Onígíláàsì ní kí wọ́n jókòó kí òun ṣe é fún wọn, ó máa gba bíi wákàtí kan torí àwọn èèyàn wà níwájú wọn. Oòrùn mú, àga kò tó. Ìka Wúrà wo ọkọ rẹ̀. Akéde wo gbogbo èrò yẹn, ó gbé fóònù sókè, ó sì tẹ bọ́tìnnì kan.

"Ó di ọ̀la," ni ohùn dáadáa náà wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Onígíláàsì náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n mú káàdì náà lọlé. Inú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á ló wà nínú dúrọ́ọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ọrùn tí ilé ìwòsàn fún Akéde tí kò fẹ́ lò, fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin.

Láàárín ìgbà yẹn, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni Ìka Wúrà ń gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ láti tún un ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìka rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Ètò, áàpù, ààyè, ọwọ́ ọ̀tún. Á máa bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣe é, á máa wo oúnjẹ lórí iná. Ó kéré sí ìṣẹ́jú kan. Á fi yangàn sí ọmọ wọn lórí fóònù pé, "Èmi tí ẹ̀ ń pè ní àgbàlagbà yìí, mi ò wo ojú ẹ̀ mọ́ tí mo fi ń ṣe é." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lẹ́jọ́ kíákíá. Ohun tí wọ́n fi yìn ín fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà ló ń ṣe.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, fóònù náà ní ètò tuntun, èyí tí wọ́n ń pè ní update, ti dé fún òun, Akéde sì gbà fún un. Ó pa ara rẹ̀, ó tan ara rẹ̀, àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ohùn náà ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣe ètò náà, níbikíbi tó wà, rí i pé ó dára kí òun gbé "Clear cache" lọ sí ọwọ́ òsì, kí òun sì gbé "Clear data" sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó dájú pé ó ní ìdí rẹ̀.

Sátidé dé. Akéde jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó fi tówẹ̀lì kọ́ èjìká, ìdajì àgbọ̀n rẹ̀ funfun fún ọṣẹ, abẹ ìfárùngbọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí ihò ọrùn náà. Ìka Wúrà ti tú fóònù kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ń sọ fún un nípa ọmọ wọn, pé ó ní òun ń bọ̀ lópin oṣù, pé àwọn ọmọ ti ga. Ètò, áàpù, ààyè, ọwọ́ ọ̀tún.

Àpótí kékeré kan yọ lójú fóònù, ó ń béèrè ọ̀rọ̀. Kò béèrè ọ̀rọ̀ rí. Akéde gbójú sókè lórí dígí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì dára láti rí ọ̀nà jíjìn, ó sì ti lo ayé rẹ̀ láti ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù náà dorí kodò sí i, ó rí ọ̀rọ̀ tó wà nínú àpótí náà: wọ́n máa pa gbogbo ohun tí áàpù yìí ní rẹ́ pátápátá.

Ó kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo ti gbọ́," ni Ìka Wúrà wí. "Ó kù díẹ̀."

Ó tún kan án. Ó kan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó ń gbá a pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Ẹnu rẹ̀ là, gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà nínú ẹnu yẹn, èémí nìkan ló sì ń gba ọrùn jáde. Ohùn tí yóò fi sọ fún un pé kó dúró wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ ṣáà ní sùúrù fún mi, ẹ̀yin ọkùnrin yìí!" Ó rò pé ètò tuntun ló mú ìbéèrè tuntun wá. Akéde sọ abẹ sílẹ̀, ó na ọwọ́ kọjá tábìlì, omi ìfárùngbọ̀n dà sórí aṣọ tábìlì, Ìka Wúrà sì gbé fóònù sẹ́yìn kí omi má baà kàn án. Bó ṣe ń gbé e sẹ́yìn, ìka rẹ̀ tẹ ọwọ́ ọ̀tún lẹ́ẹ̀kejì, níbi tí wọ́n kọ "OK" sí nínú àpótí náà.

Fóònù náà kò pariwo. Kò gbọ̀n. Ó kàn gba bíi ìṣẹ́jú àáyá kan, nọ́ńbà tó wà níwájú orúkọ áàpù náà sì di òdo.

"Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe da omi," ni Ìka Wúrà ń wí. Ìgbà náà ló wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó ti ń rí ojú náà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò rí i bẹ́ẹ̀ rí, àní ní ọjọ́ tí dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó ṣí áàpù náà. Áàpù kí i káàbọ̀. Ó ní inú òun dùn pé ó wá, ó sì béèrè pé ṣé ó fẹ́ gba gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àpótí funfun òfìfo lásán ló kù. Ó tẹ ibi tí bọ́tìnnì àkọ́kọ́ máa ń wà, ibi tí ìka rẹ̀ mọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀.

"Àwòrán rẹ̀ máa ń pẹ́ yọ," ni ó wí. "Onígíláàsì sọ pé ó máa ń pẹ́ yọ."

Akéde fi tówẹ̀lì nu ọṣẹ tó kù ní àgbọ̀n rẹ̀. Ìdajì tí kò tíì fá wà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà.

Wọ́n sáré lọ sí ìkóríta. Onígíláàsì gba fóònù náà, ó wò ó, ó sì dákẹ́, ìyẹn nìkan ti tó láti mú orí èèyàn wú. Ó béèrè káàdì. Ìka Wúrà gbé e jáde nínú pọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀. Onígíláàsì wo ọ̀rá náà, kò sì béèrè mọ́.

"Ṣé ẹ ò ní nǹkan tẹ́ ẹ fi ń hú u jáde?" ni Ìka Wúrà bẹ̀ ẹ́. "Ẹ bá ìyá kan yọ fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ jáde lọ́jọ́sí. Mo wà níbẹ̀."

"Màmá, fọ́tò yẹn wà ní gbangba inú fóònù, níbi tí gbogbo áàpù ti ń rí i. Tiyín wà nínú yàrá tí áàpù tì. Nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ẹrù nìkan ni fóònù kó dànù, ó ba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ náà jẹ́." Síbẹ̀ ó gbìyànjú. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó wo àkáǹtì Akéde bóyá fóònù ti ṣẹ̀dà nǹkan kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó bá nọ́ńbà àwọn ọ̀rẹ́ níbẹ̀, ó bá ètò ááláàmù. Ohùn kankan ò sí. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, ó sin wọ́n dé ojú títì, ìyẹn ló jẹ́ kí Ìka Wúrà mọ̀ pé ó ti parí.

Ọmọ wọn wá gbogbo fóònù rẹ̀ títí. Ó ti pààrọ̀ fóònù lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti ṣàìsàn. Ohùn kan ṣoṣo ló rí, kò ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ, ó sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹkún. Ìka Wúrà tẹ̀ ẹ́ nínú ilé ìdáná, ó gbé e mọ́ etí. "Gbé fóònù, jàre! Láti àárọ̀ ni mo ti ń pè ọ́." Ó bínú nínú rẹ̀, ọkọ̀ ńlá kan sì ń fọn fèrè lẹ́yìn. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó kù nínú ọgbọ̀n ọdún tó fi kéde. Ó gbé e lọ bá Akéde. Akéde gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ọwọ́ ní kó gbé e kúrò níwájú òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Akéde mú ìwé kan, ó kọ ọ́ pé, "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ," ó sì tì í sọ́dọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì. Ìka Wúrà kà á títí. Kò mọ bó ṣe sọ ọ́. Ohùn ni èèyàn fi ń mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bóyá ó jẹ́ tòótọ́, bóyá ó jẹ́ ti ẹni tó rẹ̀ tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Bírò dúdú lórí ìwé funfun kò sọ ìkankan fún un. Ó sunkún débi pé kò sí ẹni tó lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó korira ọwọ́ ara rẹ̀. Ó fọ abọ́, kò wo ohun mìíràn àfi ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá nínú omi.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá nínú ìdákẹ́jẹ́. Akéde ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò yá, ìgbà tó bá sì máa kọ gbólóhùn tán, ọ̀rọ̀ ti kọjá. Alábàágbé wọn wá sọ ìtàn kan, ó rí i pé kò sí ẹni tó dá a lóhùn, ó jókòó díẹ̀, ó ní òun ní nǹkan lórí iná. Nígbà tó yá, Ìka Wúrà sọ ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n gba tèmi sí i. Ohùn mi ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ó lè béèrè omi."

Akéde ronú, ó mi orí pé òun gbà. Ìka Wúrà mú ojú ewé mẹ́fà náà jáde láti ibi tó tọ́jú wọn sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ pé pérépéré, kò sí àṣìṣe kankan, àmì bírò wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Akéde mú bírò pupa. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń fa ìlà sórí èyí tí kò fẹ́. Ó pa "Irọ́ lò ń pa!" rẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó pa orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ́. Ó pa "Ó di ọ̀la" rẹ́, ó fa ìlà lé e lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rìnlá ló kù: omi, oúnjẹ, oògùn, ó ń dùn mí, ẹ ṣílẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dé gbólóhùn tó ṣáájú gbogbo wọn. Bírò náà dúró lókè rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó fa ìlà sórí rẹ̀.

"Ìyẹn ńkọ́?" ni Ìka Wúrà wí. "Kí lẹ ó máa fi pè mí?"

Akéde kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé, "Èmi nìkan ló ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀."

Nítorí náà, Ìka Wúrà wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó sì gba mẹ́rìnlá náà sílẹ̀ láàárín aṣọ wọn. Ó ká a lára láti máa sọ pé "ó ń dùn mí" léraléra títí á fi jáde dáadáa. Nígbà tó parí, ó gbé fóònù náà lọ sọ́dọ̀ Onígíláàsì pẹ̀lú káàdì, ó sì jókòó sínú oòrùn fún wákàtí kan títí ó fi ṣẹ̀dà rẹ̀. Káàdì náà wà nínú dúrọ́ọ̀ báyìí, láìsí ọ̀rá. Ohùn Ìka Wúrà, tó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ lójoojúmọ́, ló wà nínú rẹ̀.

Bí Akéde bá fẹ́ omi, ohùn obìnrin ló ń jáde láti àyà rẹ̀. Àlejò máa ń wo ẹ̀yìn wọn láti mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Bó bá sì fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀, á kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ibi tó lè wà nínú ilé náà, bóyá nínú ilé ìwẹ̀ tàbí lẹ́yìnkùlé, tí Ìka Wúrà kò ní gbọ́ ọ mọ́. Á sọ ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á sì ti dìde kí ìró kejì tó dún. Ìgbà mìíràn á sáré dé ibẹ̀, á bá ọkọ rẹ̀ tó ń sùn lórí àga, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, tí kò kan nǹkan kan.